Ẹ̀bẹ̀ Tí A Bẹ̀ Kí Òjò Tó Dé

Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sí mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kọ́ ọ fún yín. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó kọjú sí ọ̀nà tó lọ sí ìdí reluwé ní Ẹdẹ. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀. Ìyá mi ló máa ń fi bọ́tọ̀ màlúù ra ilẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi máa dán bí awọ. Páànù ló wà lórí rẹ̀, èmi ni mo sì rà á nígbà tí mo dé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Sàró tí wọ́n fi mí ṣe tíṣà ní Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin ló gbé páànù náà wá. Àwọn èèyàn tó wá wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n ń kàn án pọ̀ ju àwọn tó wá síbi ìsìnkú bàbá mi lọ.

Orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ilé yìí wà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyà náà dúró lé. Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ ṣú ìyá mi lópó fún àbúrò bàbá mi. Ìyá mi ní onígbàgbọ́ ni àwọn, àwọn kò ní í ṣe ìyàwó kẹta. Àwọn ẹbí náà lé wọn jáde nínú agbo ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì ló fún wọn ní ilẹ̀, tí wọ́n sì gbàdúrà lé e lórí pé kò sí ẹni tí yóò tún lé wọn mọ́. Mo wà níbẹ̀. Mo ṣe àmín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin kò ṣe ìgbàgbọ́ ní tirẹ̀. Ọlọ́ṣun ni wọ́n, nínú oko kan lọ́nà Ṣẹ́kọ̀nà. Ní ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ẹsẹ̀ wọn wú tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè dá dìde, wọ́n sì fi àga gbé wọn wá sílé ìyá mi. Ẹrù wọn kò ju aṣọ díẹ̀ lọ, àti ìkòkò omi kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ funfun bò. Ìyá mi fún wọn ní yàrá tó wà lẹ́yìn. Ìkòkò náà sì wà ní igun yàrá.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí i ni alága ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kùrọ́ ló ń rà ní ìdí reluwé, ikùn rẹ̀ sì ti kọ́kọ́ dé ilé kí òun tó dé. Mo mọ̀ pé àgbà ni, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa pè é ní "ó." Nínú ìwé tèmi, bí mo ṣe máa pè é nìyẹn.

Ó ní òun wá kí aláìsàn. Ó yọjú sí yàrá, ó rí aṣọ funfun.

"Kí nìyẹn?"

"Omi ni," ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi dá a lóhùn láti orí ẹní.

"Irú omi wo?"

"Omi odò. Èyí tí àwọn ìyàwó ilé yín pọn láàárọ̀ yìí ni. Àbí tiyín ti ṣe ìrìbọmi kó tó wọ inú àmù?"

Ìyá mi ní àwọn rẹ́rìn-ín, àwọn sì kábàámọ̀ ẹ̀rín náà kó tó jáde tán lẹ́nu. Alága kò rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ka ìdájọ́ jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ìkéde ìgbéyàwó: ìgbìmọ̀ ti jókòó, ó ti rí i pé opó báyìí báyìí gbé òrìṣà sórí ilẹ̀ Ọlọ́run, kó kó kúrò níbẹ̀ kí òjò tó fìdí múlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ṣí òrùlé. Ìyá mi wà lórí àga láàárín àwọn obìnrin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹjọ́ kan wà. Wọn kò pè wọ́n. Wọn kò bi wọ́n léèrè. Mo tún un sọ: wọn kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Ìbàdàn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé òfin ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì kà á láti páálí dé páálí. Òfin náà kò le. Ẹni tí ìdájọ́ ìgbìmọ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àgbà ti àgbègbè, tó ń jókòó ní Òṣogbo, láàárín oṣù kan. Kò gbọdọ̀ gbé ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí kóòtù kankan títí ìgbìmọ̀ àgbà yóò fi sọ tirẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kọ ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Mo kà á fún ìyá mi lédè wa.

Ìyá mi gbọ́ ọ tán. Wọ́n wá ní, "Ṣé ohun tí o fẹ́ sọ fún àwọn àgbà nìyẹn? Pé ọ̀rọ̀ wọn kò tẹ́ mi lọ́rùn?"

"Òfin ló ní kí ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Màmá."

"Ta ló bí òfin?"

Àbúrò wọn ọkùnrin ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n ń ta iyọ̀ àti aṣọ òkè ní àárín ìlú, kò sì sí ìjà tí wọn kò parí rí. Bàbá ni mo máa ń pè wọ́n. Wọ́n gba ìwé mi, wọ́n yí i sókè yí i sódò bí ẹni tó ń wo aṣọ bóyá ó já, wọ́n dá a padà fún mi.

"Ó dára," ni wọ́n wí. "Tọ́jú ẹ̀. A ó lò ó tí ẹ̀bẹ̀ bá kùnà. Àgbàlagbà bínú, o wá ń ju ìwé lù ú lórí. Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ yín ní Sàró nìyẹn? A ó bẹ̀ ẹ́ ná. Bí a bá bẹ ìkà, ìkà náà á rọ̀."

"Bàbá, ọjọ́ ń lọ. Oṣù kan ni wọ́n fún wa."

"Lójú mi, oṣù kan tó ọdún kan. Ìbínú wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ẹdẹ ni mí, níwájú ìyá mi àti àbúrò wọn, ìwé Sàró kò ju ìwé lọ.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa mọ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀. A kì í lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ìgbà kìíní, Bàbá kò bá alága nílé, tàbí kí n sọ pé ó rán ìyàwó rẹ̀ jáde pé òun kò sí nílé. Ní ìgbà kejì, ó jẹ́ kí wọ́n dọ̀bálẹ̀ tẹ́rùn, ó wá ní kí wọ́n padà wá. Ní ìgbà kẹta, ó pe gbogbo ìgbìmọ̀ jọ, ó ní kí ìyá mi wá fẹnu ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fún ìyá mi ní àpótí, wọn kò jókòó lé e. Wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ni ìyá mi wí, "mo jẹ̀bi. Ẹ fi ojú àánú wò mí."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Àbúrò wọn tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ? Ta ló ń bẹ àgbà ní ilẹ̀ yìí tó ń sọ pé òun jàre? Bí àgbà bá tẹ ọmọdé mọ́lẹ̀, "mo jẹ̀bi" ni ọmọdé ń wí, àgbà á ní "kò tán bí?", wọn á dìde. Bí ilẹ̀kùn náà ṣe ń ṣí nìyẹn. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n, alága náà mọ̀ ọ́n.

Ó gbọn agbádá rẹ̀. Ó ní, "A ti gbọ́. A ó rò ó."

Wọ́n rò ó títí oṣù náà fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni ó wá ránṣẹ́ pé ìdájọ́ ṣì dúró bó ṣe wà.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà kí n wá lọ́yà. Láti Èkó ló ti wá. Ó wọ ẹ̀wù kóòtù dúdú nínú oòrùn Ẹdẹ, òógùn ń ro ní àgbọ̀n rẹ̀, síbẹ̀ kò bọ́ ọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò ìyá mi la jókòó sí.

Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni, "Ṣé ẹ ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àgbà?"

"A bẹ̀bẹ̀," ni Bàbá dáhùn.

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣé ẹ kọ̀wé?"

"Rárá," ni mo wí.

Lọ́yà mí kanlẹ̀. Ó ní adájọ́ òyìnbó kò fẹ́ràn kí èèyàn fo ilé kó tó wá sọ́dọ̀ òun. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní òfin pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́, adájọ́ á ní kó lọ síbẹ̀ ná. Ó ní wọn kì í pa irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́, wọ́n kàn ń yọ ọ́ kúrò nílẹ̀ ni pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó.

Bàbá tẹ̀ síwájú. "Lọ́yà, ẹ dákun. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó, ṣé yóò kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tó ti iná bọ̀ ọ́ ni?"

Lọ́yà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Rárá o, Bàbá. Ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ mi fún mi. Ìyẹn wà lára ibi tí òfin ti ń yẹ̀ fún èèyàn." Ó wá ṣàlàyé fún wa. Bí nǹkan bá jẹ́ kánjúkánjú, tí ohun tó máa bàjẹ́ kò ní ṣe é tún ṣe kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó jókòó, adájọ́ lè gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó dájọ́ náà ni yóò tún gbọ́ ọ lókè, tó fi jẹ́ pé lílọ síbẹ̀ jẹ́ àṣedànù, adájọ́ lè gbọ́ ọ. Bí ìgbìmọ̀ kò bá ní agbára rárá lórí ọ̀rọ̀ náà, ìdájọ́ rẹ̀ kì í ṣe ìdájọ́, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ gbé lọ sókè. Bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò bá sì ní agbára láti fún èèyàn ní àtúnṣe tó ń wá, kí ló fẹ́ lọ gbà lọ́wọ́ wọn?

"Èyí tó sì dára jù lọ́wọ́ wa," ló wí, "ni pé wọn kò pe Ìyá kí wọ́n tó dá wọn lẹ́bi."

Mo lu tábìlì. Mo ní ohun tí mo ti ń wí láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

Kóòtù ìjọba ní Ìbàdàn la gbé ẹjọ́ náà lọ. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ lọ́jọ́ tí a lọ. Ohun tí a ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: kí adájọ́ ní kí wọ́n má fọwọ́ kan òrùlé ìyá mi títí wọn yóò fi gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣì dùbúlẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn, ìwú ẹsẹ̀ wọn kò tíì lọ sílẹ̀. Alága jókòó ní apá kejì, ó kí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ kú ìrìn." Mo dá a lóhùn. Inú mi ń bàjẹ́ títí di òní pé mo dá a lóhùn.

Adájọ́ náà kì í ṣe ẹni burúkú. Ì bá sàn fún mi kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fara balẹ̀, ó mú gbogbo ohun tí lọ́yà wí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ṣé ìgbìmọ̀ ní agbára lórí ilẹ̀? Ó ṣí ìwé òfin, ó kà á: ìgbìmọ̀ lè yọ ẹni tó bá rú òfin kúrò lórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Agbára wà. Ṣé àwọn àgbà lókè lè yí i padà? Òfin ní wọ́n lè ṣe é. Ṣé ẹni tó dájọ́ ló tún wà lókè? Lọ́yà ní bẹ́ẹ̀ ni, alága wà nínú ìgbìmọ̀ àgbà. Adájọ́ ní ẹnì kan ṣoṣo ni alága láàárín ọ̀pọ̀, ẹ lè ní kó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ ti bèèrè? A kò tíì bèèrè. Báwo lẹ ṣe wá mọ̀ pé àṣedànù ni?

Ó wá dé orí èyí tó dára jù. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé wọn kò fún obìnrin yìí láyè láti sọ tẹnu rẹ̀ rárá, òun kò ní í ní kó lọ síbòmíràn mọ́, òun á gbọ́ ọ níbẹ̀ yẹn. Lọ́yà wa pe ìyá mi síwájú.

Lọ́yà ti ṣọ́ọ̀ṣì dìde. Ògbufọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ lọ síwájú ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ìdájọ́ náà?"

"Mo lọ."

"Ṣé gbogbo wọn jókòó?"

"Gbogbo wọn."

"Ṣé wọ́n ní kí ẹ sọ̀rọ̀?"

"Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní mo jẹ̀bi, kí wọ́n fi ojú àánú wò mí."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Adájọ́ gbé ojú sókè.

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ẹ jẹ̀bi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn."

Ògbufọ̀ túmọ̀ ìyẹn náà. Adájọ́ bèèrè kí ni ìtumọ̀ "bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn." Ìyá mi wò mí. Ojú yẹn kò kúrò lójú mi. Lọ́yà wa dìde, ó sọ nípa àṣà wa, ó sọ ọ́ ní èdè òyìnbó tó dùn, mo sì gbọ́ bó ṣe ń di aláìlágbára bó ṣe ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bẹ̀, wọn kò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ ẹjọ́ ni wọ́n lọ rò, ìgbìmọ̀ ti gbọ́ wọn nìyẹn. Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà lè dúró sí.

Ó ku ti ọ̀rọ̀ kánjúkánjú. Adájọ́ ní òun mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Ó ní ṣùgbọ́n inú ọyẹ́ ni wọ́n ti ka ìdájọ́, gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló wà níwájú yín, ẹ kò kọ̀wé sókè, ẹ kò sì wá sí ibí. Ẹni tó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú kò lè fi òkùnkùn ṣe àwáwí. Ó yọ ẹjọ́ náà kúrò nílẹ̀. Ó ní kí a lọ parí tilé ná, bí kò bá tẹ́ wa lọ́rùn síbẹ̀, ilẹ̀kùn kóòtù wà ní ṣíṣí.

Nínú ọkọ̀ ojú irin ni a wà, a ń padà bọ̀, a ti kọjá Ìwó. Bàbá ní, "Àwọn bàbá wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ wò ó, a kò tilẹ̀ rí kóòtù ọ̀hún wọ̀."

Mo fi ìwé kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ àgbà lọ́jọ́ kejì. Lọ́yà bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbà á bó tilẹ̀ ti pẹ́. Wọ́n gbà á. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bá tún jókòó, lẹ́yìn ìkórè, àwọn yóò gbọ́ ọ. Mo bèèrè pé kí wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ Ẹdẹ má ṣí òrùlé títí di ìgbà náà. Akọ̀wé wọn dá mi lóhùn pé alága tó ń bẹ ní Ẹdẹ ni òfin fún ní agbára láti dá a dúró.

Alága kò dá a dúró.

Wọ́n ṣí òrùlé náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run mọ́. Káfíńtà méjì ni, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn méjèèjì, wọ́n kí ìyá mi kí wọ́n tó gun òkè. Wọn kò ba páànù kan jẹ́. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n tilẹ̀ na ìṣó tó ti wọ́, wọ́n kó o sínú agolo fún wọn. "Ẹ̀yin lẹ ni ín, Màmá," ni ọ̀kan wí. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fọ́ nǹkan ni, ǹ bá ní ohun tí mo máa fi dì wọ́n mú.

Àbúrò ìyá mi wá pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n wọn, ẹní wọn àti ìkòkò wọn, lọ sí ilé wọn láàárín ìlú, ilé Mùsùlùmí, ìyá mi sì bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní, "Ìkòkò mi ńkọ́, ẹ̀yin lèmọ́mù?" Àbúrò wọn ní, "Ẹ gbé e sí igun yàrá. Omi ni. Ọlọ́hun ló dá a." Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó lé e lórí.

Ẹ̀yin tó ń gbé ilé sìmẹ́ńtì lè má mọ bí ògiri amọ̀ ṣe ń kú. Kì í wó lẹ́ẹ̀kan náà. Orí ògiri ni yóò kọ́kọ́ máa rọ̀, yóò máa yọ́ wá sílẹ̀ bí òrí tí oòrùn pa. Ojú fèrèsé á tẹ̀. Ìyá mi máa ń lọ wò ó lójoojúmọ́, àgbàrá òjò kì í dá wọn dúró. Mo ní kí wọ́n yé lọ. Wọ́n ní ta ló máa wà níbẹ̀ tí àwọn kò bá lọ? Mo mọ òfin, mo mọ ìwé, mo mọ orúkọ gbogbo àṣìṣe tí wọ́n ṣe sí wọn, n kò sì lè da ìwé kan bo ògiri yẹn.

Lẹ́yìn ìkórè, ìgbìmọ̀ àgbà jókòó ní Òṣogbo. Wọ́n ní kí alága bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n bi ìyá mi léèrè ọ̀rọ̀, wọ́n dáhùn. Ìgbìmọ̀ àgbà ní títọ́jú ẹ̀gbọ́n ẹni kì í ṣe ìbọ̀rìṣà, ìgbìmọ̀ Ẹdẹ kò bá wọn lò dáadáa, wọ́n sì fagi lé ìdájọ́ náà. Kí opó náà padà sínú ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn: sínú ilé rẹ̀.

A dúró níwájú òkìtì amọ̀ náà lọ́jọ́ tí a dé. Ewé ìbẹ́pẹ ti hù ní ibi tí yàrá ẹ̀yìn wà. Mo ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: ohun tí lọ́yà sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé bí ohun tó máa bàjẹ́ kò bá ní ṣe é tún ṣe, adájọ́ lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rí tí a kò ní nígbà yẹn ló wà níwájú mi yìí. Mo ní kí a padà sí Ìbàdàn, ilẹ̀kùn ṣáà wà ní ṣíṣí.

"Láti lọ sọ kí ni?" ni ìyá mi wí. "A jàre. O fẹ́ kí n lọ sọ fún òyìnbó pé mo jàre, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn?"

Wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára ìró wọn. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn.

"Níbo, Màmá?"

"Ilé alága. Àwọn àgbà ti ṣe é fún wa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Màmá, kì í ṣe òun ló ṣe é! Òun ni wọ́n bá wí!"

"Mo mọ̀. Àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ibẹ̀ náà la ó máa gbé."

Ó wà lórí àga ní iwájú ilé rẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń wọn ẹ̀kùrọ́. Ìyá mi kúnlẹ̀. Wọ́n ní àwọn wá dúpẹ́. Ó gbà á, ó ní, "Kò tán bí?" Ó wá yí ojú sí mi, ó ń dúró.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."